Bí mo ṣe wá ibi tí a ó fi owó ẹgbẹ́ sí kí èrè rẹ̀ má baà já sísàlẹ̀ 10%

Ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù wa ní mílíọ̀nù 10 náírà tí ẹnikẹ́ni kò tíì yá, a sì ti ṣèlérí pé lópin ọdún a ó pín mílíọ̀nù 1 fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lórí rẹ̀. Bí èrè owó náà kò bá tó 10%, ojú owó la ó ti yọ ìyókù. Nítorí náà, nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá ibi tí a ó fi í sí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé síwájú: èwo nínú àwọn ìdókòwò yìí ni èrè rẹ̀ ò ní fi bẹ́ẹ̀ lè já sísàlẹ̀ 10%?

A. D. Roy, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé ọ̀nà tí mo lò kalẹ̀ ní 1952. Èèyàn á mú èrè tó ń retí, á yọ ààlà tí kò fẹ́ kí èrè já sísàlẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, á sì fi ìwọ̀n bí èrè náà ṣe máa ń lọ sókè lọ sódò pín ohun tó kù. Bí nọ́ńbà tó jáde bá ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni ewu náà kéré tó.

Mo kọ́kọ́ wo Tírẹ́ṣọ̀ Bíìlì ọlọ́jọ́ 364. Bí èlé rẹ̀ bá ju 10% lọ, tí owó sì lè jókòó síbẹ̀ títí tí yóò fi pé, ọ̀rọ̀ ti parí, kò sí ìṣirò kankan mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè fẹ́ yá owó láàárín ọdún. Ohun tó kù fún wa ni fọ́ọ̀ndì tí ń ra bíìlì ọlọ́jọ́ kúkúrú, tí èlé rẹ̀ ń yí padà bí bíìlì kan ti ń parí tí a sì ń ra òmíràn, àti ṣíà.

Fún fọ́ọ̀ndì, mo fojú bu èrè 13%, ìwọ̀n ìyípadà 2.5. Fún ṣíà, 25% àti 15. Mo wá wo ọ̀nà mẹ́ta: fọ́ọ̀ndì nìkan, fọ́ọ̀ndì pẹ̀lú ìdá kan nínú márùn-ún ṣíà, ìlàjì sí ìlàjì. Mo gbà pé ìrìn àwọn méjèèjì ò ní í ṣe pẹ̀lú ara wọn, nípa bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n ìyípadà ọ̀nà kejì jẹ́ 3.6, ti ẹ̀kẹta sì jẹ́ 7.6. Lórí kọ̀ǹpútà, èrè wà ní B2, ìyípadà ní C2, nọ́ńbà Roy ní D2, bó ṣe ṣeé ṣe tó pé a ó kùnà ní E2:

```
D2: =(B2-10)/C2
E2: =NORM.S.DIST(-D2,TRUE)
```

Fọ́ọ̀ndì nìkan mú 1.2 jáde, ìyẹn ni pé ó lè kùnà ní nǹkan bí ọdún kan nínú mẹ́sàn-án. Ìlàjì sí ìlàjì mú 1.18, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba. Ọ̀nà kejì mú 1.5: ọdún kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Akápò wa ò gbà. "Ọmọ mi, báwo ni ṣíà ṣe máa dín ewu kù?"

"Mà, ṣíà ń mú kí èrè máa yí sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe jìnnà sí 10%. Fọ́ọ̀ndì nìkan, 3 la fi jù ú lọ. Pẹ̀lú ṣíà díẹ̀ yẹn, èrè di 15.4, a ti fi 5.4 jù ú lọ. Àlàfo yẹn fẹ̀ ju bí ìyípadà ṣe pọ̀ sí i lọ."

Mo fi hàn wọ́n pé ààlà ló ń pinnu ohun gbogbo. Ká ní 5% la ṣèlérí, fọ́ọ̀ndì nìkan ni ì bá borí, 3.2 sí 2.9. Ká ní 15% ni, ìlàjì sí ìlàjì ni ì bá borí, ṣùgbọ́n yóò ṣì kùnà ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ààlà ti inú gbèsè tòótọ́ wá. Bí èèyàn bá gbé e ga nítorí ojúkòkòrò, ìṣirò kan náà ni yóò tì í sínú ṣíà.

Ohun méjì ló kọ mí lóminú. Bí èlé bíìlì bá gòkè lójijì, ṣíà sábà máa ń wálẹ̀, nítorí náà ìrìn wọn lè má dá wà bí mo ṣe gbà. Bákan náà, ọdún burúkú ọjà ṣíà máa ń burú ju bí òfin tó wà ní E2 ṣe rò lọ. Roy fúnra rẹ̀ kò gbára lé òfin yẹn: ó lo òpin tó ga jù, ìyẹn ni pé a ó sọ nọ́ńbà náà di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, a ó sì fi ohun tó bá jáde pín 1. Fún 1.5, ìyẹn lé díẹ̀ ní 44%. Ipò àwọn ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò yí padà, ṣùgbọ́n n kò lè pe ọdún kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìlérí.

Nọ́ńbà náà kì í sì í sọ bí a ó ṣe jìn sí ìsàlẹ̀ tó. Mo yọ ìlọ́po méjì ìwọ̀n ìyípadà kúrò nínú èrè tí à ń retí. Lọ́nà kejì, owó tó máa dín nínú mílíọ̀nù 1 tí a ṣèlérí jẹ́ nǹkan bí 180,000 náírà. Ní ìlàjì sí ìlàjì, 620,000. Ìgbìmọ̀ mú ọ̀nà kejì, wọ́n sì ní kí a ya 200,000 sọ́tọ̀ nínú owó ìwọlé ẹgbẹ́.