Bí "Iyán Ìyá" ṣe di ìyàn àti ìyà: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú fífi ọ̀rọ̀ dárà sọ ìkànnì oúnjẹ lórúkọ

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé Kàbà ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé òun ti rí orúkọ tí òun máa fún ìkànnì fídíò oúnjẹ òun: "Iyán Ìyá". Ẹ gbọ́ bó ṣe dùn létí ná! Ìyá wa ló kọ́ wa ní iyán gígún, orúkọ náà sì ń dún bí ọmọ odó méjì tó ń gbà fún ara wọn nínú odó kan. Mo ní ó káre. Etí ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò, mo gbàgbé pé ojú làwọn òǹwòran máa fi kà á.

Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, kò sí àmì ohùn níbẹ̀ mọ́. "Iyan Iya" ló kù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Ìsánlú kà á, ó ní, "Ìyàn àti ìyà kẹ̀? Ta ló fẹ́ jẹ ìyẹn?" Yútùùbù tún máa ń fúnni ní orúkọ kan tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú @, tí kì í gba àlàfo láàárín ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ló ti wá di @iyaniya. Ẹ fẹnu kà á: "ìyá ni ìyà". Ìyá wa gbọ́, kò rẹ́rìn-ín.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù nìyí: ohùn nìkan ló gbé àwàdà ró. Ó tún fẹ́ gbìyànjú "Oúnjẹ Okun", oúnjẹ àwa Okun, oúnjẹ tó ń fúnni lókun. Ará Ìbàdàn kan bi í pé irú ẹja wo ló ń sè.

Kò yẹ kí èèyàn torí ìyẹn pa àwàdà tì. Ọ̀rọ̀ kan tí kò ṣeé ṣì kà ni kó wá kún un. A padà sídìí odó: à ń gún iyán, ohun tí kò ní àléébù la sì ń sọ pé ó gún régé. "Iyán Gún Régé"! Bí ẹ bá yọ àmì rẹ̀, "gun" lè dà bíi gígùn tàbí gígun igi, ṣùgbọ́n "rege" ló ń fa ẹni tó ń kà á padà sọ́nà. Lẹ́tà 11 ni @iyangunrege, Yútùùbù sì gba 3 sí 30. (Ọmọ rẹ̀ ní ó dún bí orin régè. Kò burú.)

Kí ẹ tó lo tiyín, ẹ kọ ọ́ láìsí àmì, kí ẹ fún ẹni mẹ́ta tí kò mọ̀ nǹkan kan nípa rẹ̀ kà sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹlòmíràn lórí fóònù, ẹ dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó tẹ ohun tó gbọ́ ránṣẹ́. Bí ohun tó tẹ̀ bá yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ náà làwọn tó ń wá yín ò ṣe ní rí yín.

Yútùùbù ń jẹ́ kéèyàn pààrọ̀ orúkọ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ 14. Fídíò ni kò ṣeé pààrọ̀ bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi ti sọ "ẹ káàbọ̀ sí Iyán Ìyá" nínú méjì, ó di dandan kó tún iyán gún. Àwọn aládùúgbò ò ṣàròyé.