Bí mo ṣe tún tíràkà ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìtòkú ṣe

Inú Google Sheets la ti ń kọ iṣẹ́ tí kọ́sítọ́mà gbé wá. Ripọ́ọ̀tù ibẹ̀ ní iṣẹ́ àdìrẹ 31 ló kù, mo lọ ka aṣọ, 22 ni mo rí o. Mo wá kọ èyí síbi tó ṣófo, kó lè to gbogbo ọ̀rọ̀ tá a ti kọ sí òpó C, níbi tá a ń sọ ibi tí iṣẹ́ dé:

```
=UNIQUE(C2:C)
```

Ló bá jáde pé ọ̀nà mẹ́ta la gbà kọ "parí", ọ̀kan tiẹ̀ ní àlàfo lẹ́yìn tójú ò rí, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ṣoṣo ni ripọ́ọ̀tù mọ̀, ló ṣe ń ka iṣẹ́ 5 tó ti parí mọ́ èyí tó kù. 4 yòókù, èmi kọ ọ́, àbúrò mi náà tún kọ ọ́, ló ṣe wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò fi orúkọ nìkan yẹ̀ ẹ́ wò, torí kọ́sítọ́mà kan lè gbéṣẹ́ wá lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ńbà fóònù, ọjọ́ àti irú aṣọ ni mo wò. Mi ò pa ìkejì rẹ́, "àtúnkọ" ni mo sọ ọ́. Ní báyìí inú lísìtì la ti ń mú lébẹ́ẹ̀lì bíi "parí", ẹnì kankan ò fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́.