Pépà méje ló tó: bí mo ṣe tẹ ìwé òfin ẹgbẹ́ wa

Owó tí wọ́n pè fún mi ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ló bí mi nínú. Ìwé òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ni, ojú ìwé 34, a sì fẹ́ ẹ̀dà 20. Mo ní kí ọmọ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà fo àwọn ojú ìwé òfìfo, ó ní bí fáìlì bá ṣe wà lòun ń tẹ̀ ẹ́. Mo ní kó kó ojú méjì sórí pépà kan, ó ní ojú ìwé lòun ń gbowó lé, kì í ṣe pépà. ₦100 lójú kan! Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ₦68,000. Mo gba fáìlì mi, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Nílé, mo ṣí i nínú Acrobat Reader. Nídìí `Pages`, mo kọ `3-30`, ìyẹn ojú ìwé 28 tó wúlò. Mo wá tẹ `Booklet`, èyí tó ń to ojú ìwé kí a lè ká pépà sí méjì di ìwé. Pépà méje ni ẹ̀dà kan gbà, torí ojú mẹ́rin ló ń wọ pépà kọ̀ọ̀kan. Orí mi wú.

Ẹ̀yìn pépà ló wá dá mi dúró. Pírìntà mi kì í yí pépà fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ ní láti kọ́kọ́ yan `Front side only`, kí ẹ dá pépà padà sínú rẹ̀, kí ẹ tó yan `Back side only`. Kò sẹ́ni tó sọ bí wọ́n ṣe ń dá a padà fún èèyàn! Lẹ́yìn ojú ìwé kìn-ín-ní, ojú kẹẹ̀ẹ́dógún ni mo bá, ó tún dorí kodò. Mo yí ìdì pépà náà po, kí orí rẹ̀ di ìdí. Ó dúró dáadáa, àmọ́ ojú kẹrìnlá ló tún wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé àìsàn méjì ni. Bó bá dorí kodò, ẹ yí ìdì pépà po. Bó bá dúró dáadáa ṣùgbọ́n tí nọ́ńbà ò bá ara mu, ètò pépà ló yí padà: ti òkè gbọ́dọ̀ bọ́ sí ìsàlẹ̀, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a ń wá ni pé kí ojú kejì wà lẹ́yìn ojú kìn-ín-ní.

Ká ní mo tètè mọ̀ ni, ẹ̀dà kan péré ni mi ò bá fi dánwò, ǹ bá sì ti fi pẹ́ńsùlù fa ọfà sórí pépà òkè kí n lè rí ibi tó kọjú sí nígbà tó bá jáde.

Sítépílà kékeré ò dé àárín ìwé náà, abẹ́rẹ́ àti òwú ni mo fi rán an. Lẹ́tà fáìlì wa jẹ́ 14, ó wá sún kì sí bíi 10, ó ṣì ṣeé kà. Tó bá jẹ́ 12 ni, yóò bọ́ sí bíi 8, àwọn bàbá ẹgbẹ́ ì bá sì ti dá a padà fún mi.