Ara tó gbóná ní aago 8 ti tutù kó tó di aago 11: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí mímú ara àwọn ọmọ ilé-ìwé gbóná fún eré sísá àti fífò

Ìbéèrè: Ilé-ìwé wa wà ní Òmù-Àrán. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdíje ilé-sí-ilé, a kó gbogbo ọmọ jọ ní aago 8, wọ́n na ara fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nígbà tí eré 100 mítà máa bẹ̀rẹ̀ ní aago 11, méjì nínú àwọn ọmọ ọdún 14 di ẹ̀yìn itan mú kí wọ́n tó dé òpin. Níbo la ti ṣì í ṣe?

Ìdáhùn: Àkókò ni ẹ kọ́kọ́ ṣì. Bí ọmọ bá ń sáré jẹ́jẹ́, iṣan rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná láàárín ìṣẹ́jú 3 sí 5, á sì gbóná dé ibi tó ń lọ láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 20. Ṣùgbọ́n bó bá ti jókòó, ooru náà kì í dúró dè é. Bí ìṣẹ́jú 15 sí 20 bá fi kọjá lórí ìjókòó, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti lọ. Àwọn ọmọ tí ẹ mú ara wọn gbóná ní aago 8, tí wọ́n wá jókòó sábẹ́ kánópì títí di aago 11, òtútù ara ni wọ́n bá dé ìlà. Bó bá tún bọ́ sí àsìkò ọyẹ́, ara á tètè tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìnara tí wọ́n ṣe náà kò bá iṣẹ́ tó ń bọ̀ mu. Kí ọmọ gbé ẹsẹ̀ lé bẹ́ǹṣì, kó tẹ̀ ba, kó dúró gbọin síbẹ̀: bí ìyẹn bá ju ìṣẹ́jú kan lọ lórí iṣan kan, ńṣe ló ń dín agbára iṣan náà kù fún ìgbà díẹ̀. Èyí tí kò tó ìdajì ìṣẹ́jú kò pa wọ́n lára, àmọ́ òun nìkan kò tó.

Ẹ wo ìgbà tí iṣan ẹ̀yìn itan sábà máa ń fà. Ó lè ṣẹlẹ̀ níbi ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ìgbà tí eré ti wọra, tí ọmọ ju ẹsẹ̀ síwájú, tí orúnkún ń nà, tí àtẹ́lẹsẹ̀ kò sì tíì balẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ yẹn, iṣan ẹ̀yìn itan ń gùn sí i, òun náà ló sì ń tẹ búréèkì fún ojúgun kó má baà fò lọ. Kò sí ìdúró gbọin kankan tó lè kọ́ iṣan ní iṣẹ́ méjì yìí pọ̀. Eré sísá tí a ń fi kún díẹ̀díẹ̀ ló ń kọ́ ọ, òun gan-an ni kò sì sí nínú ohun tí wọ́n ṣe láàárọ̀.

Ìbéèrè: Ó yé wa. Ẹ wá bá wa tò ó ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Ká ní aago 11 náà leré ọ̀hún.

Ìdáhùn: Àwọn tó máa sá eré yẹn nìkan ni kí ẹ pè, kì í ṣe gbogbo ilé-ìwé. Kí ẹni tó mú máíkì dání pè wọ́n ní aago 10:30, kí wọ́n lè dé ẹ̀gbẹ́ pápá ní 10:35.

Láti 10:35 dé 10:40, kí wọ́n sáré jẹ́jẹ́ lórí koríko: kí wọ́n lọ síwájú, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rìn, kí wọ́n padà sẹ́yìn. Kí wọ́n lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sá a. Bí ọyẹ́ bá ń mú, ẹ jẹ́ kí súwẹ́tà wà lọ́rùn wọn títí wọ́n á fi dé orí ìlà. Ẹ má wo òógùn nìkan láti mọ̀ bóyá ara ti gbóná, nítorí atẹ́gùn ọyẹ́ máa ń gbẹ òógùn kí ẹ tó rí i. Mímí tó ti yára díẹ̀, tí ọmọ ṣì lè sọ gbólóhùn kan parí láì dánu dúró, ni àmì tó dára jù.

Láti 10:40 dé 10:46, ẹ fa ìlà méjì tó fi 15 mítà jìnnà síra. Kí wọ́n kọ́kọ́ máa gbé orúnkún sókè bí wọ́n ṣe ń rìn láti ìlà dé ìlà, kí wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú eré. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n sáré kí gìgísẹ̀ máa kan ìdí. Kí wọ́n wá gbé ìgbésẹ̀ gígùn, tí orúnkún ẹ̀yìn á sún mọ́ ilẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n di èjìká ara wọn mú ní méjì-méjì, kí wọ́n máa ju ẹsẹ̀ kan síwá-sẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kí wọ́n tó pààrọ̀ ẹsẹ̀. Kí jíjù náà kéré níbẹ̀rẹ̀, kó máa ga sí i. Ọmọ tó bá jù ú sókè pátápátá ní ìgbà àkọ́kọ́, kí ẹ dá a dúró.

Ẹ fi fífò pẹ́pẹ́ẹ̀pẹ́ lójú kan kún un, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà méjì. Orúnkún kò ní tẹ̀ púpọ̀, ọrùn ẹsẹ̀ ni kó ṣiṣẹ́. Ẹ lè dijú kí ẹ mọ ẹni tó ń ṣe é dáadáa: bó bá ń dún “tà-tà-tà” wẹ́wẹ́, ó tọ̀nà. Bó bá ń dún “gbì, gbì”, gìgísẹ̀ ń lu ilẹ̀, orúnkún sì ti rọ̀. Fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ ya súwè sílẹ̀. Ẹsẹ̀ kan tí wọ́n fi ń fò láti àpótí dé àpótí nínú súwè, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe, wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n láti ilé.

Láti 10:46 dé 10:53 ni apá tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé máa ń fò. Kí wọ́n sáré 40 mítà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí wọ́n máa rìn padà, kí wọ́n sì sinmi bí ìṣẹ́jú kan láàárín. Èkíní, ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá agbára wọn, èkejì, méje, ẹ̀kẹta, mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Ìdá kì í yé ọmọdé. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n sá èkíní bí ẹni tó rí i pé òjò ń ṣú, èkejì bí ẹni tí ẹ̀kán àkọ́kọ́ ti kán lé lórí, ẹ̀kẹta bí ẹni tí aṣọ rẹ̀ wà lórí okùn. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, kí wọ́n gbéra lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú fèrè, 20 mítà péré. Bí wọ́n bá ti kọjá ìlà, kí wọ́n fi bí 15 mítà rọ eré náà sílẹ̀. Dídúró lójijì máa ń fa iṣan náà.

Ìṣẹ́jú méje tó kù, kí wọ́n máa rìn kiri, kí wọ́n mu omi díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má jókòó. Bí ètò bá sì falẹ̀, bó ṣe máa ń rí, tí eré fi ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún sáré jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 2, kí wọ́n sì sá 40 mítà kan ní ìdá mẹ́jọ. Bí ọmọ kan bá gbé ọwọ́ lé orúnkún tó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ti sọ ìmúragbóná di ìdíje. Ẹ dín iye eré náà kù nígbà mìíràn, ẹ má dín ìsinmi àárín rẹ̀.

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún 12, ó ń fò gígùn nílé-ìwé kan ní Ọ̀fà. Gìgísẹ̀ máa ń dùn ún lẹ́yìn ìdánrawò. Olùkọ́ rẹ̀ ní kó máa mú ara gbóná dáadáa sí i. Ṣé yóò tán?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ìmúragbóná nìkan kò ní tán an. Lọ́jọ́ orí rẹ̀, apá kan ṣì wà lẹ́yìn eegun gìgísẹ̀ tó ń dàgbà, tí kò tíì le tán, ibẹ̀ sì ni iṣan líle ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ti di eegun mú. Bó bá ń fò tó sì ń balẹ̀ sórí ilẹ̀ líle léraléra, iṣan á máa fa ibẹ̀. Ẹ fi àtàńpàkò àti ìka kejì fún gìgísẹ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Bó bá ké, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun nìyẹn. Iye ìfò ló yẹ kó kọ́kọ́ wálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó sì wọ bàtà tó nípọn ní gìgísẹ̀. Bó bá ń tiro, tàbí tí ibẹ̀ wú, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ tún bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ nípa kòtò iyanrìn. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, iyanrìn máa ń dì bí ilẹ̀. Kí wọ́n fi ọkọ́ tú u kó rọ̀ dé bíi sẹ̀ntímítà 30, kí wọ́n wọ́n omi sí i, kí wọ́n sì ṣa àfọ́kù ìgò àti òkúta kúrò kí ọmọ kankan tó fò. Ìfò ìmúragbóná wà lára iye tí gìgísẹ̀ ń kà. Ìfò mẹ́ta tí a fi ìgbésẹ̀ 5 sí 7 gbà sáré tó kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò ní tòótọ́.

Ìbéèrè: Ọmọ kan ní òun gbọ́ “pà!” nísàlẹ̀ ìdí bó ṣe ń sáré, kò sì lè rìn dáadáa. Ṣé ká fi ìpara tó ń ta wọ́ ọ?

Ìdáhùn: Ẹ má wọ́ ọ rárá, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ẹsẹ̀ rẹ̀. Láàárín ọdún 13 sí 17, eegun tí a fi ń jókòó, tí iṣan ẹ̀yìn itan so mọ́, lè má tíì lẹ̀ pọ̀ tán. Ohun tó jẹ́ iṣan fífà lára àgbàlagbà lè jẹ́ eegun tó já kúrò lára ọmọ. Ìró yẹn, àìlèrìn, àti ìrora bó bá fẹ́ jókòó ni àmì rẹ̀. Ẹ fi aṣọ wé yìnyín, ẹ gbé e lé ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn tí wọ́n ti lè ya àwòrán eegun lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìbéèrè: Ìlọrin la wà, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa sì máa ń gba ààwẹ̀. Báwo la ṣe máa mú ara wọn gbóná nígbà Ràmàdáànì?

Ìdáhùn: Ní 2025, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ni ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń fi bí ọjọ́ 10 tàbí 11 tètè dé ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Nítorí náà, fún ọdún mélòó kan sí i, àárín tọ́ọ̀mù kejì tí ìdíje ilé-sí-ilé máa ń wáyé ni yóò máa bọ́ sí. Ẹ fi ọjọ́ ìdíje sí ṣáájú ààwẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìdánrawò bá pọn dandan, kó jẹ́ àárọ̀ kùtù, nígbà tí sààrì ṣì wà nínú. Ẹ jẹ́ kí eré jẹ́jẹ́ jẹ́ ìṣẹ́jú 3, ẹ fi àwọn ìgbésẹ̀ 15 mítà sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ dín eré 40 mítà sí méjì, kí èyíkéyìí nínú wọn má ju ìdá mẹ́jọ lọ. Ọmọ tójú rẹ̀ bá ń ṣú, ẹ gbé e sínú ibòji, kó má sì tún sáré lọ́jọ́ náà.