Ìlọ́po tí mo ṣírò jẹ́ 178, èyí tí mo wọ̀n jẹ́ 97: kí ni kí n kọ sínú ìjábọ̀ mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Áńpìlífáyà kọ́mọ́nù-ẹ́mítà ni mo tò, pẹ̀lú tiransísítọ̀ 2N3904 lórí iná 12 V. Rẹsísítọ̀ 47 kΩ àti 10 kΩ wà ní béèsì, 3.3 kΩ wà ní kọlẹ́ktọ̀, 1 kΩ wà ní ẹ́mítà pẹ̀lú kapásítọ̀ 10 µF lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì fi rẹsísítọ̀ 10 kΩ ṣe ẹrù lẹ́nu ọ̀nà àbájáde. Ní 1 kHz, mo wọn 10 mV láti ṣóńṣó òkè dé ìsàlẹ̀ ní béèsì, 0.97 V ló sì jáde. Ìṣirò mi fún mi ní 178, ṣùgbọ́n 97 ni mo rí. Ṣé kí n kọ ọ́ pé β tiransísítọ̀ àti àṣìṣe ẹni tó wọ̀n ọ́n ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí èyí tó lágbára tó nínú méjèèjì láti gbé nǹkan bí ìdajì ìlọ́po lọ. Òótọ́ ni pé ìwé tí àwọn olùṣe 2N3904 fi síta sọ pé β rẹ̀ lè wà láàárín 100 sí 300 nígbà tí 10 mA bá ń gba kọlẹ́ktọ̀ kọjá, àlàfo yẹn sì fẹ̀. Àmọ́ nínú sàkíìtì yín, rẹsísítọ̀ méjì tó wà ní béèsì àti 1 kΩ tó wà ní ẹ́mítà ló ń pinnu iná tí yóò gba ẹ́mítà kọjá. Bí β bá jẹ́ 100, fóltéèjì ẹ́mítà yóò wà ní nǹkan bíi 1.35 V, bí ó bá jẹ́ 300, yóò wà ní nǹkan bíi 1.42 V. Gbogbo ohun tí èyí lè yí padà nínú ìlọ́po kò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 lọ.

Kí a tó fẹ̀sùn kan ohun tí a wọ̀n, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ìṣirò wò. Ó dá mi lójú pé ẹ pín 3.3 kΩ pẹ̀lú ìdènà inú ẹ́mítà, èyí tí a ń pè ní re, ẹ sì rí re láti inú 1.4 V tí ẹ rò pé ó wà ní ẹ́mítà. Ẹ gbé mítà sí ẹ́mítà gan-an, láìsí síginà kankan. Ó yẹ kí ẹ rí nǹkan bíi 1.38 V, nítorí pé béèsì náà ń fa iná díẹ̀ láti ara rẹsísítọ̀ méjèèjì. Ìyẹn kéré, 178 di 175 péré. Ohun tó tóbi ni pé ẹ gbàgbé ẹrù 10 kΩ. Lójú síginà, ẹrù yìí àti rẹsísítọ̀ kọlẹ́ktọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn:

```
re = 26 mV / 1.38 mA = 18.8 Ω
3.3 kΩ || 10 kΩ = 2.48 kΩ
2480 / 18.8 = 132
```

Ẹ wò ó pé a ti sọ̀kalẹ̀ láti 175 sí 132 láìfọwọ́ kan ohunkóhun lórí bọ́ọ̀dù. Ìyókù wà lọ́wọ́ kapásítọ̀ ẹ́mítà. Ìṣirò tí ẹ lò gbà pé kapásítọ̀ yìí so ẹ́mítà mọ́ ilẹ̀ pátápátá fún síginà, bí ẹni pé wáyà lásán ni. Ní 1 kHz, 10 µF kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdènà tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó re fúnra rẹ̀, ìyẹn ló sì mú kí ó ṣe pàtàkì tó báyìí. Ká ní re tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ ni, ẹ kì bá tí rí ipa rẹ̀. A kò kàn ní í ro méjèèjì pọ̀, nítorí pé fóltéèjì orí kapásítọ̀ kì í bá ti orí rẹsísítọ̀ dé ṣóńṣó lẹ́ẹ̀kan náà:

```
Xc = 1 / (2π × 1000 Hz × 10 µF) = 15.9 Ω
√(18.8² + 15.9²) = 24.6 Ω
2480 / 24.6 = 101
```

Ẹ lè rí ẹ̀rí èyí kí ẹ tó kúrò nídìí tábìlì. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ síginà sí 10 kHz, kí ẹ má sì yí ohunkóhun mìíràn padà. Bí kapásítọ̀ bá ni ọ̀daràn, ìlọ́po yóò gòkè lọ sí tòsí 131. Lẹ́yìn náà ẹ yọ ẹrù 10 kΩ kúrò, yóò sì sún mọ́ 174. Bí ó bá gòkè ní ìgbésẹ̀ méjèèjì, ẹ ní ohun tí ẹ lè kọ sínú ìjábọ̀: ẹrù gbé 43 lọ, kapásítọ̀ gbé 31 lọ. Bí kò bá gòkè rárá, ẹ yẹ kapásítọ̀ náà wò bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò wọnú bọ́ọ̀dù dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ó bá já pátápátá, ìlọ́po yóò ti já wálẹ̀ sí 2 tàbí 3, nítorí náà èmi kò fura sí i nínú tiyín.

Ìbéèrè: Ẹni tí a jọ ṣe iṣẹ́ náà kò fi ọ́sílóskóòpù wọn ohun tó wọlé. Ó ka 10 mV lójú jẹnẹrétọ̀, ó rí 1.89 V lẹ́nu àbájáde, ìlọ́po rẹ̀ sì jẹ́ 189. Tirẹ̀ sún mọ́ 178 ju tèmi lọ. Ṣé tirẹ̀ ni kí a fi sílẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o, èyí gan-an ló sì ń kọ mí lóminú jù nínú ọ̀ràn yín. Àṣìṣe méjì ló pàdé tí wọ́n sì bo ara wọn mọ́lẹ̀: ìṣirò tó ga ju bó ti yẹ lọ, àti ìwọ̀n tí òun náà ga.

Jẹnẹrétọ̀ tí a bá tò sí `50 Ω` gbà pé ẹrù 50 Ω ló wà lẹ́nu rẹ̀, tí yóò pín fóltéèjì náà sí méjì dọ́gba. Ìdajì yẹn ló ń kọ sójú. Ẹnu ọ̀nà áńpìlífáyà yín ju 2 kΩ lọ, nítorí náà kò pín nǹkan kan tó jọjú; nǹkan bíi 19.5 mV ló dé béèsì nígbà tí ojú ẹ̀rọ ń sọ pé 10 mV ni. Ẹ pín 1.89 V pẹ̀lú 19.5 mV, ẹ ó rí 97, tí í ṣe tiyín gan-an. Láti mọ̀ ọ́n dájú, ẹ so jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọ́sílóskóòpù tààrà, láìsí áńpìlífáyà láàárín: ẹ ó rí 20 mV. Bí ẹ bá yí ètò náà sí `High Z`, ohun tó wà lójú ẹ̀rọ méjèèjì yóò bára mu.

Ìbéèrè: Ó ku 101 sí 97. Ṣé mo lè pe ìyẹn ní àṣìṣe lásán?

Ìdáhùn: Ẹ lè dárúkọ ibi tó ti wá, kí ẹ sì fi iye sí i. Ní 10 mV, ìlà tí ẹ rí lójú ọ́sílóskóòpù kì í ṣe ìlà tẹ́ẹ́rẹ́. Ó nípọn, ó ń gbọ̀n, ariwo ló sì fa ìnípọn yẹn. Nígbà tí ẹ̀rọ náà bá ń ka ṣóńṣó òkè dé ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀, ó máa ń ka ariwo náà mọ́ ọn. Bí síginà gidi bá jẹ́ 9.6 mV tí ariwo sì sọ ọ́ di 10, ìlọ́po tó yẹ kó jẹ́ 101 yóò hàn bíi 97. Ẹ tan ètò `Average` sí 16 tàbí 32, kí ẹ tún un kà. Àbájáde kò ní í yí padà púpọ̀ nítorí pé 0.97 V tóbi ju ariwo lọ fíìfíì. Ohun tó wọlé ni yóò dín.

Bí kò bá dín, kapásítọ̀ náà ló kù. Irú èyí tí a fi ẹlẹ́kitiróláìtì ṣe sábà máa ń ní àyè ìdá 20 nínú 100 sókè tàbí sísàlẹ̀. Bí 10 µF yín bá jẹ́ 8 µF ní tòótọ́, ìlọ́po yóò jẹ́ nǹkan bíi 91. Bí ó bá jẹ́ 12 µF, yóò jẹ́ nǹkan bíi 108. Ó fẹ̀ ju ìdá 5 nínú 100 tí β lè mú wá lọ, 97 sì wà nínú rẹ̀. Bí mítà kapásítọ̀ bá wà nítòsí, ẹ yọ ọ́ wọ̀n, kí ẹ sì fi iye tí ẹ bá rí tún ìṣirò kejì tó wà lókè yẹn ṣe, láti ìlà Xc.