Bí mo ṣe kọ síláìdì olùdásílẹ̀ fún àwọn olùdókòwò

Okòwò wa ni kíkó tòmátì láti Kánò wá sí ọjà Máìlì 12 l'Ékòó, nínú ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúǹkantutù. Nígbà tó kan síláìdì olùdásílẹ̀, ìyẹn ojú ewé tó ń sọ irú ẹni tí àwa tó dá okòwò náà sílẹ̀ jẹ́, ohun tó lè ba okòwò náà jẹ́ ni mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀: kí ẹrù rà lójú ọ̀nà, kí àgbẹ̀ má kórè lásìkò, kí alájàpá má san owó. Olùdókòwò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ń ro àwọn nǹkan wọ̀nyí kó tó dé síláìdì yẹn. Ẹni tó ti bá wọn jà rí ló ń wá níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo wá iṣẹ́ tí mo ti ṣe tó bá ewu àkọ́kọ́ mu, ìyẹn kí ẹrù rà lójú ọ̀nà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń kọ ni "Ó ní ìrírí ọdún púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìkẹ́rù." Kò sẹ́ni tó lè yẹ ìyẹn wò. Èyí ni mo kọ:

"Láti 2016 sí 2021, ó bójú tó ọkọ̀ 14 fún ilé-iṣẹ́ tó ń pín ẹja dídì. Ó fi ẹ̀rọ tó ń ka òtútù sínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹrù tó ń bàjẹ́ sì dín kù láti ìdá 9 sí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún."

Ìgbà wà níbẹ̀, bí iṣẹ́ ṣe tó wà níbẹ̀, ohun tí èmi gan-an ṣe àti àbájáde rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni mo lò, nítorí owó ilé-iṣẹ́ àtijọ́ jẹ́ àṣírí wọn. Mo sì ka gbólóhùn náà sí ọ̀gá mi àtijọ́ létí lórí fóònù, torí àwọn ni olùdókòwò máa pè. Déètì rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti LinkedIn mu. Bí ọdún kan bá yàtọ̀, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì nípa ìyókù.

Àmọ́ ẹja kì í ṣe tòmátì. Ẹja dídì ń fẹ́ -18°C. Tòmátì tó ti pọ́n ń fẹ́ nǹkan bí 10 sí 13°C, òtútù tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ á ba adùn rẹ̀ jẹ́. Olùdókòwò tó mọ̀ á béèrè ìyàtọ̀ yìí. Ibẹ̀ ni àwọn tí a jọ ń ṣe é ti wúlò: ẹnì kan ti bá àwọn àgbẹ̀ Kadawa ní Kánò ṣiṣẹ́, òun ló ń ṣètò ìkórè, ẹnì kejì gbọ́ Haúsá, ó sì ti gba owó lọ́wọ́ àwọn alájàpá Máìlì 12 rí. Gbólóhùn kan péré ni mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, mo sì sọ ẹni tó ń ṣe é lójoojúmọ́ àti ẹni tó ṣì ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Mo ya olùdámọ̀ràn sọ́tọ̀ nísàlẹ̀. Bí a bá kà á mọ́ òṣìṣẹ́, ìbéèrè kan ṣoṣo á tú u.

A kò ní aṣírò-owó. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé oṣù kejì lẹ́yìn tí owó bá wọlé la máa gbà á. Oyè yunifásítì mi lọ sínú sífíì gígùn tí a ń fún ẹni tó bá béèrè.