Bí mo ṣe fi kílíkà kọ́ ajá mi láti jókòó

Tanímọ̀la, ajá tí mo ń sìn nílé wa ní Ọ̀mù-Àrán, ti pé oṣù 5 nígbà tí mo ra kílíkà, ìyẹn àpótí oníke kékeré tí irin pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀, tí ó máa ń dún "ká" bí a bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kò ju kí ó máa jókòó kí n tó gbé oúnjẹ fún un, nítorí pé abọ́ kì í tíì balẹ̀ tí yóò fi ti ẹnu bọ̀ ọ́.

Ìró yìí kò jẹ́ nǹkan kan létí ajá tí kò gbọ́ ọ rí, nítorí náà, iṣẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ó mọ̀ pé bí ó bá ti dún, oúnjẹ dé. Mo ra wàrà tí wọn kò tíì dín, tí kò ní ata tàbí àlùbọ́sà (májèlé ni àlùbọ́sà jẹ́ fún ajá), mo sì gé e wẹ́wẹ́ bí ẹyọ ẹ̀wà. Mo tẹ kílíkà lẹ́ẹ̀kan, mo fún un ní ẹyọ kan lójú ẹsẹ̀, láìní kí ó ṣe ohunkóhun, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 15. Mi ò jẹ́ kí ọwọ́ mi lọ síbi wàrà kí ìró tó dún, torí pé bí ọwọ́ bá ṣáájú, ọwọ́ ni ajá yóò máa wò. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ó ń gbóòórùn kiri nídìí igi máńgòrò, mo tẹ̀ ẹ́, ó sì yíjú padà fìrí, ó sáré tọ̀ mí wá. Mo mọ̀ pé ó ti yé e.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé wàrà sí iwájú imú rẹ̀, mo sì rọra gbé e gba òkè orí rẹ̀ lọ sẹ́yìn, nítorí pé bí imú bá ń tẹ̀lé oúnjẹ lọ sókè, ìdí á máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fò sókè, torí pé mo gbé ọwọ́ ga jù. Nígbà tí mo rẹ ọwọ́ wálẹ̀, ó wá ń fi ẹ̀yìn rìn, mo bá mú un lọ sí igun ògiri tí kò ti ní lè sún sẹ́yìn mọ́, ibẹ̀ ni ó sì ti jókòó.

Àṣìṣe mi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹta, ìdí rẹ̀ kì í tíì kan ilẹ̀ tán tí yóò fi ta kìjí dìde, bí ẹni tó jókòó lé ìjàlọ. Ajá ni mo dá lẹ́bi, àfi ìgbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi fóònù ya fídíò wa, tí ó sì jẹ́ kí ó máa lọ díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ìgbà tó ti ń dìde lẹ tó tẹ̀ ẹ́." Bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́. Ohun tí ajá ń ṣe gan-an lásìkò tí ìró dún ni ó máa ń rò pé a ń sanwó fún, ìdìde ni mo sì ti ń sanwó rẹ̀ látìgbà yẹn.

A kọ́kọ́ fi ajá sílẹ̀ ná. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ láti ibi èjìká rẹ̀, èmi sì ń gbìyànjú láti tẹ kílíkà lákòókò tí bọ́ọ̀lù kan ilẹ̀ gan-an. Mo ń pẹ́, torí pé mo ń dúró kí n gbọ́ "gbì" kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ó di ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú bá bọ́ọ̀lù bọ̀ láti òkè kí ọwọ́ mi tó bára mu pẹ̀lú rẹ̀. Lára ajá, orúnkún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni mo wá ń wò: bí ó bá ti ń ká, àtàǹpàkò mi á múra, bí ìdí bá kan ilẹ̀, "ká!" Lẹ́yìn náà, mo ń gbé wàrà lọ bá a ní ẹnu níbi tí ó jókòó sí, kí ó má baà dìde wá gbà á. Bí mo bá ṣi í tẹ̀, mo ṣì ń san gbèsè náà, nítorí pé bí ìró bá ń dún lásán, ajá kò ní kà á sí mọ́.

Nígbà tí ó jókòó ní ìgbà 5 tẹ̀léra wọn, mo kó wàrà sórí fèrèsé, mo sì ń fi ọwọ́ òfìfo juwọ́ bákan náà. Bí èèyàn bá pẹ́ jù kó tó ṣe èyí, ajá tí kò bá rí oúnjẹ kò ní jókòó. Ìgbà yẹn ni mo tó mú ọ̀rọ̀ wọ inú rẹ̀. Mo ń wí pé "Jókòó" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo ń dákẹ́ díẹ̀, kí n tó gbé ọwọ́, torí pé bí méjèèjì bá jọ dé, ọwọ́ ni yóò gbà, yóò sì fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 3 ni, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ọ̀rọ̀ nìkan tó o.

Nídìí abọ́ oúnjẹ, mi ò lo kílíkà mọ́, torí pé abọ́ náà ni owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́nu géètì, níbi tí ewúrẹ́ àdúgbò ti ń kọjá, "Jókòó" kò ì tíì wọ̀ ọ́ létí, mo sì ti padà sí wàrà àti ọwọ́ níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.